"Káàdì ọmọ mi ti kún": Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀

Ní agboolé kan lẹ́bàá Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, Ìyá Ìbejì kan ti mú káàdì méjì jáde kí n tó kí i tán. Inú ọ̀rá ló dì wọ́n sí kí omi má baà kàn wọ́n. Ó nà wọ́n sí mi, ó ní: "Ẹ wò ó, mà. Ọjọ́ tí mo bí wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. N ò fo ọ̀kankan. Abẹ́rẹ́ itan náà, wọ́n gbà á. Kí lẹ tún fẹ́ kán sí wọn lẹ́nu?"

Mo ka káàdì náà, òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera kì í sábà dá lóhùn dáadáa. A ó ní "ìjọba ló rán wa", a ó sì ti ṣí ìgò. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí tó gbé fún mi, mo sì ṣàlàyé fún un. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Àṣìṣe tó ga jù ni kéèyàn rò pé oògùn tí wọ́n ń kán ní ilé ìlera àti èyí tí à ń gbé kiri ojúlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Oríṣi mẹ́ta ni kòkòrò tó ń fa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní oríṣi kìíní, oríṣi kejì àti oríṣi kẹta. Ara tó bá mọ ọ̀kan kò tíì mọ èkejì. Títí di oṣù kẹrin ọdún 2016, oògùn tí wọ́n ń kán ní ilé ìlera ń kọ́ ara ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ọdún 1999 ni wọ́n ti rí ojúlówó oríṣi kejì gbẹ̀yìn ní gbogbo àgbáyé, wọ́n sì kéde lọ́dún 2015 pé ó ti parẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń lo oògùn kíkán fi yọ oríṣi kejì kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kìíní àti kẹta nìkan ló wà nínú ẹ̀kán tí ọmọ ń gbà ní ilé ìlera.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí, n ò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú ẹ̀kán náà. Ó máa ń gbé inú ìfun ọmọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Níbi tí gbogbo ọmọ bá ti gba oògùn, kò níbi tí yóò sá sí, yóò kú dànù. Àmọ́ níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá tíì gbà á, yóò máa ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì fún oṣù púpọ̀, yóò sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ àtijọ́ yóò fi padà wá. Irú oríṣi kejì tó ń da Nàìjíríà láàmú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn nìyẹn, ara ẹ̀kán tó ní oríṣi kejì nínú ló ti wá. Kì í ṣe ojúlówó ti àtijọ́. Àwọn ọmọ tí a kò kán oògùn sí lẹ́nu ló fún un láyè.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe oògùn tuntun tó jẹ́ ti oríṣi kejì nìkan, tí wọ́n tún kòkòrò inú rẹ̀ ṣe kó má baà tètè yí padà. Orúkọ tí ẹ ó kà lára ìgò rẹ̀ ni nOPV2. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ti ilé ìlera, bOPV ló wà lára tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ìbejì wa: ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti kán oògùn sí wọn lẹ́nu, àmọ́ kò sí ìkankan nínú mẹ́rin náà tó kọ́ ìfun wọn ní oríṣi kejì. nOPV2 tó wà nínú kúlà mi lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ wọn ni.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá ń ká ojúlé ni à ń gbé nOPV2. Nígbà mìíràn bOPV náà ni. Dípò kí ìyá tilẹ̀kùn, kó bi òṣìṣẹ́ pé, "Oríṣi wo lẹ mú wá lónìí?" Ẹni tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìgò hàn án.

Ìyá Ìbejì gbọ́ èyí, ó sì béèrè ìbéèrè ọlọ́gbọ́n: "Abẹ́rẹ́ itan ńkọ́? Ẹ ní kò sí oríṣi kejì nínú rẹ̀ ni?" Ó wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí kòkòrò bá fẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn láti sọ ọmọ di arọ, abẹ́rẹ́ yóò dá a dúró. Inú ìfun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ nìkan kì í sábà rọ, ṣùgbọ́n kòkòrò lè wọ inú rẹ̀, kó pọ̀ níbẹ̀, kó sì bá ìgbẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ aládùúgbò tí kò gba nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ń ṣọ́ ọmọ ẹni, ẹ̀kán ń ṣọ́ ọmọ ẹni àti àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan kò fi lè rọ́pò èkejì nílùú tí kòkòrò bá wà.

Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti 2004. Ní 2022, wọ́n rí oríṣi kejì yìí nínú omi ìdọ̀tí ìlú náà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ọdún kan sí mẹ́sàn-án ní Lọ́ńdọ̀nù wá gba abẹ́rẹ́ kan sí i, àní àwọn tí káàdì wọn ti pé. Kò sí ọmọ tó rọ níbẹ̀. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gba àjẹsára rí rọ. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí ọmọ wa tún gbà á.

Àṣìṣe kejì tó yẹ ká dúró lé lórí ni kíka ẹ̀kán bí ẹní ń ka owó: mo san mẹ́rin, mẹ́rin ló wọlé. Oògùn ààyè ni, ó sì ní láti rí àyè gbé nínú ìfun kó tó lè kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ náà, tàbí bí àwọn kòkòrò mìíràn bá ti gba inú rẹ̀ kan, ẹ̀kán náà lè kọjá láì fìdí múlẹ̀. Àwọn oríṣi tó wà nínú ìgò kan pàápàá máa ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi bí èyí ṣe tó hàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá gba oògùn oríṣi mẹ́ta ti ìgbà náà lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi 16 péré ló ń rí ààbò lọ́wọ́ oríṣi kìíní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ 84 ni kò tíì ní ààbò. Lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan bíi 13 yóò rí i nínú wọn, ó ku 71. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyẹn nígbà tí káàdì "kún", nǹkan bí àádọ́ta ló ṣì kù. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó ku nǹkan bíi 25. Ìwádìí náà tún rí i pé oògùn tó jẹ́ ti oríṣi kìíní nìkan ń mú nǹkan bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti òní sàn ju oògùn oríṣi mẹ́ta ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí àwọn ìbejì wa wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Táyé ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ tí wọ́n kán oògùn sí i. Ìyá wọn ló rántí. Àmì kan náà ló wà lára káàdì méjèèjì, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú mọ èwo nínú wọn ni oògùn náà mú. Nítorí náà, gbogbo wọn ni à ń kán an sí lẹ́nu. Èyí tó ti ní ààbò, ara rẹ̀ yóò kàn lé kòkòrò aláìlágbára náà jáde, kò pa á lára. Ewu tó ṣọ̀wọ́n gidi pé ẹ̀kán àtijọ́ lè sọ ọmọ di arọ, ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ti wọ́pọ̀ jù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn kan máa ń ní kò sẹ́ni tó rọ ládùúgbò àwọn. Nínú nǹkan bí igba ọmọ tí oríṣi kìíní bá wọ̀ lára, ẹyọ kan ló ń rọ. Ti oríṣi kejì tún kéré sí i. Àwọn tó kù lè má ṣe ju ibà díẹ̀ lọ, tàbí kó má ṣe wọ́n rárá. Ìgbà tí ẹ bá fi rí ọmọ kan tó rọ, kòkòrò ti kárí àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu omi ìdọ̀tí láwọn ìlú kan lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n má baà dúró dìgbà tí ọmọ bá rọ.

Ohun kan wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ ju kí wọ́n lé mi lọ. Òun ni kí bàbá tàbí ìyá bẹ òṣìṣẹ́ pé kó kàn fi tàdáwà kun ìka ọmọ láì kán oògùn, kí òṣìṣẹ́ sì gbà. Ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò yóò rí ìka dúdú, yóò kọjá. Ọmọ náà ti di ẹni tó gba oògùn nínú ìwé, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ má bẹ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́, kí ẹnìkan lè padà wá bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo ìgò. Àmì róbótó kan wà lára rẹ̀, tó ní igun mẹ́rin kékeré láàárín. Bí igun mẹ́rin náà bá funfun ju róbótó tó yí i ká, oògùn ṣì dára. Bó bá ti dúdú bíi tirẹ̀, tàbí tó dúdú jù ú lọ, ooru ti bà á jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán an.

Ìyá Ìbejì wo àmì náà pẹ̀lú mi, lẹ́yìn náà ló gbé Táyé sórí ẹsẹ̀. Ẹ̀kán méjì. Kẹ́hìndé tu tirẹ̀ dà sí mi lára, mo sì tún un kán, nítorí èyí tó bá dà síta kò wọnú. Mo kun ìka ọwọ́ òsì wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ilẹ̀kùn. Ó wá béèrè ibi tí n ó kọ ti òní sí lórí káàdì, nítorí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń pé oṣù mẹ́sàn-án, bóyá kò ní nílò láti tún lọ sí ilé ìlera mọ́. Mo ní rárá o, ti òní kò rọ́pò ti káàdì. Abẹ́rẹ́ èèyi ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò sì ní in nínú kúlà tèmi.