Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Tí A Gbà Sílẹ̀ fún Ẹbí Òkè-Òkun

Nígbà tí ìyá bá kú ní Abẹ́òkúta, tí ọmọ rẹ̀ kan wà ní Mánṣẹ́sítà, tí òmíràn wà ní Húsítìn, tí àwọn méjèèjì kò sì lè wálé wá sin ín, ó ti di àṣà pé kí ẹnì kan nínú ẹbí kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kúkúrú, kí ó kà á sínú fóònù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Inú ibì kan náà ni púpọ̀ nínú àṣìṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá: ẹni tí ó ń kọ ọ́ gbàgbé pé kò ní dúró níwájú èrò lábẹ́ àgọ́. Etí ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà yóò bá nínú yàrá, bóyá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí òkú ti wọ káà ilẹ̀, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ orin tàbí ariwo ìlù tí yóò bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó lọ́kọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú títí ó fi di arúgbó. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ìyá yìí gbà tọ́ láti kékeré, ni ẹbí ní kí ó sọ̀rọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ nìyí: “Mo kí alága ìjókòó, mo kí àwọn olóyè, mo kí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run àti gbogbo èèyàn ńlá ńlá tí ó wà níjókòó. A péjọ síhìn-ín lónìí láti dágbére fún ìyá wa, obìnrin àtàtà, abiyamọ tòótọ́, olùbẹ̀rù Ọlọ́run.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí ẹnikẹ́ni lè bá a jà sí, síbẹ̀ ó fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kí àwọn tí kò ní gbọ́ ọ. “Síhìn-ín” rán ọmọ tí ó wà ní Húsítìn létí pé òun kò sí níbẹ̀, “lónìí” sì di irọ́ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá gbé ohùn náà sétí. Àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́ta tí ó kẹ́yìn bá gbogbo ìyá tí a ti ń sin mu. Ohun tí ó yẹ kí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀: “Táíwò, Kẹ́hìndé, èmi bọ̀ọ̀dá yín ni. Ní ọjọ́ Ẹtì a tẹ́ ìyá yín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá yín nínú ọgbà ilé, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Aṣọ aláró tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ ni a fi bò ó.” Pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta yìí, ẹni tí kò wá ti mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà àti aṣọ tí a fi bò ó, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí ó wà lókèèrè sábà máa ń bèèrè nìyẹn nígbà tí wọ́n bá pè.

Èyí mú wa dé orí àṣìṣe kan tí àwọn tí ó mọ èdè dáadáa pàápàá máa ń ṣe. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń gbọ́, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni “ẹ” tí a fi ń pe èèyàn púpọ̀. Bí bọ̀ọ̀dá yìí bá ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tí ó yí sí ìyá láìkìlọ̀, tí ó tún yí padà sí àwọn ọmọ, yóò di pé Kẹ́hìndé gbọ́ “ẹ ti ṣe wàhálà tó, ẹ lọ sinmi”, kò sì ní mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń kí tàbí ìyá òun. Níbi ìsìnkú gan-an, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yóò kọjú sí pósí, gbogbo ènìyàn á sì mọ̀. Ohùn inú fóònù kò ní ojú tí yóò kọ síbì kankan. Nítorí náà, kí ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tán pátápátá, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó pe ìyá ní orúkọ tí òun fi ń pè é nígbà ayé rẹ̀, kí ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí: “Ìyá Ìtòkú, Àṣàkẹ́, ẹ ti ṣe tiyín. Ó dàárọ̀, ó di gbéré, ó di ojú àlá.” Ibi tí ó bá ti yí sí ìyá, kí ó má ṣe yí padà mọ́.

Àṣìṣe oríkì ṣòro láti tún ṣe nítorí pé kì í tètè hàn sí ẹni tí ó ń kọ̀wé. Bọ̀ọ̀dá yìí mọ oríkì ilé tiwọn dáadáa, oríkì yẹn náà ni ó sì tò kalẹ̀ fún ìyá. Obìnrin kì í fi oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ó bá lọ sílé ọkọ. Òun ni a fi ń kí i títí ọjọ́ ikú. Bí a bá kí ọmọ Ọ̀fà yìí ní oríkì ilé ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni a kí, àwọn àgbà Ọ̀fà tí wọ́n bá rí ohùn náà gbà yóò sì sọ ọ́. Kí ó pe ẹnì kan ní ilé ìyá náà, àgbàlagbà obìnrin fún àpẹẹrẹ, kí ó gba ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú bí ohùn ṣe ń lọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì kà á padà fún un kí ó tó gbà á sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó. Bí ó bá sì dé orí “ìjàkadì lorò Ọ̀fà”, kí ó fi gbólóhùn kan sọ pé ìjàkadì jẹ́ orò pàtàkì fún àwọn ará Ọ̀fà, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Húsítìn yóò jókòó ti òbí wọn gbọ́ ọ, wọn kò sì ní ibi tí wọn yóò ti bèèrè. Nígbà tí mo bá ń ka irú ọ̀rọ̀ yìí, ibi oríkì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn kan a tún máa sọ pé ìyá “wàjà”, èyí tí ó jẹ́ ti ọba nìkan. Kí wọ́n sọ pé ó papò dà, tàbí pé ó jáde láyé.

Bí ó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ ni, tí òbí olóògbé ṣì wà láyé, kí a yọ ìdúpẹ́ fún ẹ̀mí gígùn àti gbogbo ọ̀rọ̀ àjọyọ̀ kúrò pátápátá. Kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí ó sì rọ̀.

Ìtàn ìgbésí ayé tí ó ti wà nínú ìwé ìsìnkú kò yẹ kí ó tún wọ inú ohùn: ọdún tí wọ́n bí i, iléèwé tí ó lọ, oyè ìjọ tí ó jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀ ju ẹni tí ó ń kà á lọ. Dípò rẹ̀, kí bọ̀ọ̀dá sọ ohun kan tí òun nìkan rí, kí ó sì sọ ọ́ tán. Ó lè sọ bí ìyá ṣe máa ń ti ìka bọ inú ìkòkò aró láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe tán, àti bí èékánná rẹ̀ ṣe dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà fi ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ìtàn kan bẹ́ẹ̀ yóò gba ìṣẹ́jú kan péré.

Ohun tí ó léwu jù ni ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó kúrò nínú yàrá. Ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Láàárín ọjọ́ kan, ó lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìjọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àánú sọ pé “a mọ̀ pé ìwé ìgbélùú Táíwò kò tíì jáde ni kò jẹ́ kí ó lè wá.” Ẹni tí ó sọ ọ́ rò pé òun ń gbèjà ọmọ náà ni, ṣùgbọ́n ó ti tú àṣírí ohun tí ó lè kó o sí wàhálà níbi tí ó ń gbé. “A mọ̀ pé ọkàn yín wà níbí” ti tó. Bákan náà ni kí a má ṣe ka àìsàn ìyá àti owó ilé ìwòsàn lẹ́sẹẹsẹ, kí a má sì ṣe sọ ẹni tí ó náwó àti ẹni tí kò náwó. Ọ̀rọ̀ ilé tàbí ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Gbólóhùn bí “àwa tí a wà nílé ni a ṣe gbogbo rẹ̀” dàbí ọpẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lókèèrè sì máa ń gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Bí ìjà bá wà, kí wọ́n pe ara wọn lórí fóònù.

Ní ti gígùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo rò pé ó dára jù, nítorí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ yóò máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ojú ewé kan tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Kí ó kà á sókè, kí ó wo aago, kí ó sì gé e kí ó tó gbà á sílẹ̀. Kíkà á sáré láti lè wọ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó ń ba ohùn jẹ́.

Kí ó má ṣe gbà á níbi àìsùn tàbí nínú ọgbà tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké. Yàrá tí ó ní kọ́tìnì àti ibùsùn dára, nítorí yàrá òfìfo máa ń dá ohùn padà. Kí ó pa fáànù, kí ó ti ojú fèrèsé, kí ó fi fóònù sí nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kí ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Kí ó kọ́kọ́ gba gbólóhùn kan péré, kí ó fi ohun àfetígbọ́ tí a ń kì sétí gbọ́ ọ. Bí ó bá gbọ́ “fù-fù” níbi “f” àti “p”, kí ó tún yí i díẹ̀. Bí ẹkún bá gbọ̀n ohùn rẹ̀ níbì kan, kí ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí orúkọ ẹnì kan kò bá hàn.

Fífi í ránṣẹ́ náà ní àṣìṣe tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ọ́ sínú gbàgede ẹbí lórí Wáàsáàpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ pe Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí ó sọ fún wọn pé ohùn ń bọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo ayé, kí wọ́n sì sọ bóyá ó lè lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Abẹ́òkúta, aago méjì òru ni ní Húsítìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan ni nígbà òtútù. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé dára jù: ọ̀sán ni ní Húsítìn, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú jù ní Mánṣẹ́sítà láti pe ẹnì kan padà.