Bí ẹjọ́ mi ṣe di lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó dúró ṣinṣin

Báńkì yọ ₦18,500 nínú owó mi, ọlọ́jà ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹjọ́ náà ti tò nínú mi ní Yorùbá: “Ṣé ẹ fẹ́ jẹ owó mi mọ́lẹ̀ ni? Ṣé ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí dáa? Ẹ máa rí i!” Bí mo bá gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, èébú ni wọ́n máa kà á sí. Bí mo bá sì sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, á dà bíi pé mò ń tọrọ owó ara mi.

Mo wá ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sọ. Èkíní ń sọ pé owó kò tíì padà, nítorí náà mo kọ ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà ìdúnàádúrà sínú gbólóhùn kan. Èkejì ń béèrè àtúnṣe. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n lè dá owó náà padà. Mo ní kí wọ́n dá a padà. “Ẹ jọ̀wọ́” kan ṣoṣo ti tó.

“Ẹ máa rí i!” ló kù, ìyẹn ló sì ṣòro jù. Mo fi gbèdéke rọ́pò rẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àtúnṣe, màá fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe àbá tèmi. Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí oníbàárà kọ́kọ́ fún báńkì rẹ̀ láyè bẹ́ẹ̀.