Bí mo ṣe wá òpin ìlù ọkàn mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó

Èmi àti Ìyá Bọ́lá la jọ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé. Ẹni ọdún 48 ni àwa méjèèjì, oṣù méjì péré ló fi jù mí lọ. Nígbà tó yá, a ra aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, irú kan náà la rà. A tẹ ọjọ́ orí wa sí i, aago sì bá wa ṣe ìṣirò: ó ní bó ti wù kí a sáré tó, ọkàn wa kò ní lù ju 172 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a má kọjá 138, ìyẹn ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lára 172.

Lọ́jọ́ kan, a ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, 138 ló wà lójú aago tèmi, 137 ló wà lójú tirẹ̀. Mo ń ròyìn ìkómọ ìyàwó àbúrò mi fún un, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdánu dúró. Ìyá Bọ́lá kò dá mi lóhùn. Mo yíjú sí i, mo rí i pé ó ń mí gúlegúle, òógùn ti bò ó lójú. Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣé kò sí?" Ó ní, "Aago ní... mo ṣì... wà dáadáa." Gbólóhùn kúkúrú yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló mí sínú rẹ̀.

Kò yé mi bí nọ́ńbà kan náà ṣe lè jẹ́ ìrọ̀rùn fún mi kó sì jẹ́ wàhálà fún un. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí aago ti rí 172 yẹn. Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
220 - 48 = 172
```

Ọdún 1971 ni Samuel Fox, John Naughton àti William Haskell gbé e jáde. Wọn kò kó àwọn èèyàn jọ láti wọn ọkàn wọn nítorí rẹ̀. Èsì ìwádìí oríṣiríṣi tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi sórí ìwé kan ṣoṣo, wọ́n wo bí àwọn àmì náà ṣe ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, wọ́n sì fa ìlà kan gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí Robert Robergs àti Roberto Landwehr tọpasẹ̀ rẹ̀ ní 2002, wọn kò rí ìwádìí kankan tí a dìídì ṣe láti fi bí ìṣirò náà. Haskell fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn kò fi í lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin tí èèyàn á fi máa darí eré ìdárayá rẹ̀.

Ìṣirò tó dára jù ú lọ wà. Ní 2001, Hirofumi Tanaka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde láti inú àwọn ìwádìí tó lé ní 300. Mo fi ọjọ́ orí mi sí i:

```
208 - (0.7 × 48) = 174.4
```

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́ kò tó nǹkan fún ẹni ọjọ́ orí mi. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò ló ń yọ wá lẹ́nu. Ìlà tó gba àárín ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá ni méjèèjì. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ẹni ọdún 48 jọ, tí a sì wọn ọkàn wọn ní tòótọ́, nǹkan bí ọgbọ̀n nínú wọn ni òpin ìlù ọkàn wọn á fi ju 10 lọ jìnnà sí ohun tí ìṣirò sọ, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀. Àwọn díẹ̀ á tiẹ̀ fi ju 20 lọ. Ìlà náà kò purọ́ nípa ọgọ́rùn-ún èèyàn yẹn, àmọ́ kò mọ èwo nínú wọn ni èmi.

Mo bá pinnu láti wọn tèmi. Mo kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nítorí kí èèyàn sáré títí ọkàn rẹ̀ á fi dé òpin agbára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ti kọjá ogójì ọdún ń dédé dáwọ́ lé. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó so okùn mọ́ mi láyà láti wo bí iná ọkàn mi ṣe ń rìn, ó bi mí bóyá àyà máa ń dùn mí tàbí òòyì máa ń kọ́ mi tí mo bá ń sáré. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, oògùn wo lẹ ń lò?" Mo ní mi ò lo nǹkan kan. Ó ṣàlàyé pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bíi àtẹ́nólọ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń fa ọkàn sẹ́yìn kó má lè sáré púpọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, kò sí ìṣirò ọjọ́ orí tó lè bá a mu. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń lo oògùn yẹn, tó sì máa ń bínú pé òun kì í dé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ọ̀nà tó gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó ni mo yàn, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè máa ń mú ọkàn sáré kí ẹsẹ̀ tó di eré àsápajúdé. Kùtùkùtù òwúrọ̀ Sunday ni mo lọ, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó pọ̀. Mo ti sinmi ọjọ́ méjì ṣáájú. Àbúrò mi ọkùnrin tẹ̀ lé mi, ó mú omi àti fóònù dání. Mo sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 kí ara mi fi yá. Lẹ́yìn náà mo sáré gòkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo rìn sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gòkè fún mẹ́ta, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sá gbogbo eré tó wà nínú mi títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀. Mo wo aago: 171.

Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, mo rò pé ìṣirò náà ló jàre. Nílé, mo ṣí àwòrán tí aago yà sórí fóònù, ohun kan sì ya mí lẹ́nu. Láàárín ìlàjì ìṣẹ́jú tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ni ìlà náà ti fò láti 140 lọ sí 170, ibẹ̀ ló sì dúró sí, gbọọrọ bí okùn aṣọ, nínú gòkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, ó sì yẹ kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo padà sójú ọ̀nà, mo ka ìṣísẹ̀ mi bí mo ṣe ń sáré gòkè: 85 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn ni 170 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣísẹ̀ mi ni aago ń kà!

Ohun tó fà á ni pé iná aláwọ̀ ewé ni aago fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde lábẹ́ awọ ọwọ́. Tí apá bá ń jù fìrìfìrì, tí okùn aago kò sì fún dáadáa, jíjù apá yẹn á bo ti ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, aago á sì gbà á bí ìlù ọkàn. Ohun tó dùn mí jù ni pé àṣìṣe náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 172 gẹ́lẹ́. Ká ní 195 ló gbé wá, ǹ bá ti fura lójú ẹsẹ̀.

Mo yá bẹ́líìtì àyà lọ́wọ́ ẹnì kan, irú èyí tí wọ́n ń dè sábẹ́ ọmú, tó ń gbọ́ iná ọkàn fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè gbọ́ dáadáa; tó bá gbẹ, á máa ta sókè lójijì sí 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi omi ra inú rẹ̀, mo sì padà sí Mápó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Gòkè àkọ́kọ́ parí sí 172, èkejì sí 180. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń pọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, 183, 185, 186, ó sì dúró sórí 186 fún ìgbà díẹ̀ bí mo tilẹ̀ ṣì ń tiraka, kó tó di pé mo dúró tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀. Bó ṣe gòkè, tó dúró, tó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ yẹn ni mo fi gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tún un ṣe, mo rí 185. Mo kọ 186 sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ lè rẹ̀ kí ọkàn tó dé òpin.

Ìyá Bọ́lá náà rí dókítà, wọn kò rí àìsàn kankan, a sì jọ lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 151, lẹ́yìn náà 157, lẹ́yìn náà 158. Ní gòkè tó kẹ́yìn yẹn, ó sáré ju ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ dáadáa, síbẹ̀ ẹyọ kan péré ni ọkàn rẹ̀ fi lé sí i. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Àyà rẹ̀ kọ́kọ́ já, ó bi mí pé, "Ṣé ọkàn mi ò lágbára tó tìẹ ni?" Mo rán an létí pé òun ló kọ́kọ́ dé òkè. Ọkàn kan lè máa lù díẹ̀ kó sì máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Òpin ìlù ọkàn kì í sọ ẹni tó le ju ẹnì kan lọ.

Nígbà náà ni 138 tó wáyé yé mi. Lára 158 tirẹ̀, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni 138 jẹ́, eré líle ni, òun ló sì ń sá ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú èrò pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Lára 186 tèmi, ìdá 74 ni. Nísinsìnyí, a ti lọ sínú aago, a pa nọ́ńbà tó fi ọjọ́ orí ṣírò rẹ́, a tẹ tiwa sí i. Tèmi kì í jẹ́ kí n kọjá 149, tirẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá 126. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kò tẹ nǹkan kan. Dókítà rẹ̀ ní kó máa sáré dé ibi tó ti lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin.

Sátidé tó kọjá, Ìyá Bọ́lá ló ń ròyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ níbi táyà ọkọ̀ pọ̀ sí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà délé, kò tíì parí rẹ̀.