Bí ẹ ṣe lè ṣírò iye tí jẹ́ẹ̀nì yín ń ná yín láàárín ọdún 4

Tí ẹ bá bi èèyàn pé èló ni jẹ́ẹ̀nì ẹ̀, iye tó kà fún ẹni tó tà á fún un ló máa sọ. Owó yẹn kéré jù nínú gbogbo ohun tó máa ná an. Mo ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi n'Íbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5, ọdún 4 ni mo fi lò ó tí mo sì ń kọ gbogbo nǹkan tó ń jẹ sínú ìwé, ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ iye wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ẹ má méfò o, torí gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé òun kì í tàn án pẹ́. Ẹ lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹ́ẹ̀nì wà, tí ẹ bá ti tàn án ẹ kọ aago, tí ẹ bá pa á ẹ kọ aago, ọ̀sẹ̀ 2 ti tó. Tèmi bọ́ sí wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, tí mo bá sì yọ àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣọdún kúrò ó ku ọ̀sẹ̀ 50, ìyẹn jẹ́ wákàtí 1,200 lọ́dún.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, ẹ wọn epo tó ń mu ní wákàtí kan. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀nì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ rọ epo kún tànkì dé ibi kan tí ẹ lè dá mọ̀, èmi máa ń lo etí ìsàlẹ̀ asẹ́ tó wà lẹ́nu tànkì. Ẹ tàn án fún wákàtí 4 pẹ̀lú nǹkan tí ẹ máa ń lò gan-an lójoojúmọ́, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, torí pé epo àti irin gbígbóná ò bára mu. Ẹ wá fi ohun tí wọ́n kọ lítà sí lára rọ epo padà dé ojú ibẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí ẹ bá rọ padà ni ohun tó mu. Tèmi, máṣíìnì 2, fáànù 2 àti gílóòbù, ó mu lítà 3 àti díẹ̀, ìyẹn 3.2, ẹ pín in sí 4, lítà 0.8 ní wákàtí kan.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní lítà kí ẹ tó fi owó sí i o. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan ò tíì pé 200 náírà nílé epo ìjọba, kí 2024 tó parí ó ti kọjá 900. Ẹni tó kọ náírà nìkan sínú ìwé, ìwé ẹ̀ ò wúlò mọ́, ẹni tó kọ lítà, iye ọjọ́ òní nìkan ló máa fi lé e. Èmi máa lo 900 níbí, ẹ fi iye tó wà ní àdúgbò yín sí i. Wákàtí 1,200 lọ́nà 0.8 jẹ́ lítà 960, ó di 864,000 náírà lọ́dún, ọdún 4 jẹ́ 3,456,000.

(Jẹ́ẹ̀nì kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, tí wọ́n ń pè ní Aì bẹ́tà pásì, ẹ ka owó ọ́ìlì yẹn mọ́ owó epo.)

Ìkẹta ni sáfíìsì. Jẹ́ẹ̀nì tó ní ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnì, tó bá jẹ́ tuntun ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 torí pé ẹ̀rún irin tó ha kúrò lára ẹ́ńjìnì tuntun máa ń wà nínú ọ́ìlì yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ní gbogbo wákàtí 100. Tèmi jẹ́ ìgbà 12 lọ́dún, ọ́ìlì àti owó iṣẹ́ 5,500 lẹ́ẹ̀kan, 66,000. Púlọ́ọ̀gì 4 lọ́dún ní 2,000, 8,000. Àpapọ̀ 74,000 lọ́dún, ọdún 4 jẹ́ 296,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi èyí pamọ́ dìgbà tó bá ń dún gàràgàrà, nígbà yẹn ọ́ìlì ti dúdú tó sì ti fúyẹ́ bí omi, ríìngì ti ń jẹ.

Ìkẹrin, àtúnṣe. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, àmọ́ ẹ lè fi ìwé ẹlòmíì mọ bó ṣe máa ń rí. Tèmi láàárín ọdún 4, mo fi iye ìsinsìnyí sí i: kabúrétọ̀ 14,000, okùn tí a fi ń fà á 5,000, nǹkan kékeré tó ń mú iná dúró déédéé 9,000, ṣíṣí ẹ́ńjìnì fún ríìngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì 48,000, wíwé kọ́ìlì 64,000. Gbogbo ẹ̀ 140,000.

Kọ́ìlì yẹn dùn mí. Ẹni tó wé e fún mi lákọ̀ọ́kọ́ ní wáyà bàbà lòun lò, kò lò ó, oṣù 5 péré ló fi jóná. Nígbà tí wọ́n tú u, mo fi bíléèdì họ wáyà náà, ara ẹ̀ pupa, inú ẹ̀ sì funfun bí ìbòrí ìkòkò, alumíníọ̀mù ni wọ́n kun àwọ̀ bàbà sí. Bàbà gidi, bí ẹ ṣe họ ọ́ tó ẹ ṣì máa bá pupa. Ẹ họ ọ́ kí wọ́n tó wé e, lójú yín.

Ìkarùn-ún, ẹ ròpọ̀. Owó jẹ́ẹ̀nì 250,000, tí mo bá tà á ní àlòkù ní 50,000 ó ku 200,000. Epo 3,456,000, sáfíìsì 296,000, àtúnṣe 140,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4,092,000 náírà fún wákàtí 4,800, bí i 850 náírà ní wákàtí kan. Nínú 100 náírà tí mo ná, 84 ló lọ sórí epo, jẹ́ẹ̀nì fúnra ẹ̀ ò pé 5.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wọn epo kí ẹ tó jà lórí owó lọ́jà. Jẹ́ẹ̀nì tó fi 60,000 dínwó sí tèmi àmọ́ tó ń mu 0.2 lítà ju tèmi lọ ní wákàtí kan, láàárín wákàtí 4,800 á ti mu lítà 960 lórí ẹ̀, 864,000 náírà. Bí jẹ́ẹ̀nì ńlá tó kàn ń gbé àwọn fáànù kan náà ṣe máa ń rí nìyẹn, ó ń jó epo láti gbé ara ẹ̀ yí, iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín kéré.

Ẹ máa tún un wọ̀n ní oṣù 3-3, ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà. Tó bá ti gòkè, ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́ kó má bàa ti dí, ẹ wo ṣóòkù kó má ṣe pé ó ṣì wà ní àbọ̀. Èéfín dúdú àti púlọ́ọ̀gì tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò túmọ̀ sí pé epo ń pọ̀ jù, èéfín tó ní àwọ̀ bí aró sì ni ọ́ìlì tó ń jó, ríìngì ń pè yín. Tí ẹ bá máa pa á fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ ti ibi tí epo ń gbà láti tànkì lọ sí kabúrétọ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀, kí epo má bàa gbẹ mọ́ inú kabúrétọ̀.

Tèmi ti dé lítà 1.0 ní wákàtí kan báyìí. Mo ti fọ fíltà, mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti tún kabúrétọ̀ ṣe, kò sọ̀ kalẹ̀. 0.2 yẹn lọ́nà wákàtí 1,200 jẹ́ lítà 240, 216,000 náírà lọ́dún, ó ń sún mọ́ owó tuntun. Mo ti sọ fún ọmọkùnrin tó fẹ́ rà á pé kó wá wọn epo ẹ̀ fúnra ẹ̀ kó tó sanwó.