Bí A Ṣe Ń Gé Ìgbọ̀nwọ́ Ẹlòmíràn Kúrò Nínú Fótò

Ọ̀pọ̀ fótò tí a ń gbé kọ́ ara ògiri kì í ṣe èyí tí ẹni náà dá yà. Inú fótò òde ni a ti máa ń yọ ọ́. Ìyá wé gèlè, ojú wọn dá ṣáká, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró tì wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì wọ ẹ̀gbẹ́ ìyá. Irú fótò yìí ni ìwé yìí dá lé: èyí tí ẹ fẹ́ fi fóònù gé, kí ẹ sì tẹ̀ jáde fún férémù.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fa etí fótò láti ẹ̀gbẹ́ wọlé títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi lọ. Ibẹ̀ ni fótò ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ẹ gé e. Nítorí ìgbọ̀nwọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, apá ìyá àti etí gèlè wọn yóò bá a lọ, ìyá yóò sì dà bí ẹni tí wọ́n fún mọ́ ògiri.

Ẹ wo ibi tí ìgbọ̀nwọ́ náà wà. Ẹni tó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ọ̀gangan ìkùn ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Bí òun àti ìyá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà, ìgbọ̀nwọ́ yẹn kì í dé àyà. Nítorí náà, ẹ gbé etí ìsàlẹ̀ fótò sókè títí yóò fi kọjá orí ìgbọ̀nwọ́ náà. Ẹ ó pàdánù ìró, ṣùgbọ́n ojú, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti èjìká méjèèjì yóò kù. Ohun tí a sì ń wá nínú fótò ògiri nìyẹn.

Ibi tí ẹ ó gé ara dé ṣe pàtàkì. Ẹ má gé e gẹ́lẹ́ lórí oríkèé, ìbáà jẹ́ ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́ tàbí orúnkún, nítorí ojú yóò rò pé apá náà ti já. Àárín apá òkè, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ni ibi tó dára jù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè pẹ̀lú; gèlè tó kan etí fótò máa ń wúwo lójú.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú fótò fóònù tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 3000, tó sì ga ní 4000. Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò. Bí a bá kà á láti òkè, orí gèlè ìyá wà ní 500, àgbọ̀n wọn wà ní 1250, ìgbọ̀nwọ́ aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ ní 2100. Bí a bá kà á láti ọwọ́ òsì, àárín ojú ìyá wà ní 1450. Ṣónṣó ìgbọ̀nwọ́ náà dé 1850, àmọ́ èjìká ẹni tó ni ín jìnnà díẹ̀, ní 2250.

Férémù wa jẹ́ ínǹṣì 8 sí 10, ìyẹn ni pé ìbú sí gíga jẹ́ 4 sí 5. A fi etí òkè sí 250, a sì fi ti ìsàlẹ̀ sí 2000, tí ó fi jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Gíga di 1750, ìbú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1400. Bí ojú ìyá bá wà láàárín, ẹ̀gbẹ́ òsì bọ́ sí 750, ti ọ̀tún sì bọ́ sí 2150. Èjìká aládùúgbò ti wà lẹ́yìn odi, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ odi. Ká ní ẹ̀gbẹ́ ni a gé, 1850 ni à bá dúró sí, apá òsì ìyá ì bá sì ti lọ.

Lórí fóònù

Nínú Google Photos, ẹ ṣí fótò náà, ẹ tẹ `Edit`, lẹ́yìn náà `Crop`. Bí fótò bá wọ́, ẹ kọ́kọ́ tò ó kí ó tọ́, nítorí títò náà máa ń jẹ igun fótò, ó sì lè yí gbogbo ìwọ̀n yín padà. Ẹ wá yan ìwọ̀n 4 sí 5 kí ẹ tó fa igun èyíkéyìí. Ẹni tó gé e láìyan ìwọ̀n ní ilé, ẹni tó ń fọ fótò ni yóò tún un gé fún un ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní bi í léèrè ibi tó fẹ́. Ní ìparí, ẹ tẹ `Save copy`, kí fótò àkọ́kọ́ lè wà bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ fótò náà lójú fóònù, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Aṣọ ẹbí ni ọ̀tá níbí. Nígbà tí gbogbo ènìyàn wọ léèsì kan náà, díẹ̀ lára apá aṣọ aládùúgbò lè kù ní etí kí ó sì jọ ti ìyá. Bí ẹ kò bá fẹ fótò náà, ẹ kò ní rí i lójú fóònù. Lára ògiri, ìyá yóò ní apá kẹta. Ètè férémù sì máa ń bo díẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ má fi gèlè sún mọ́ etí jù.

Ṣé ó ṣì tó láti tẹ̀?

Ẹ pín ìbú fótò tí ẹ gé pẹ̀lú ìbú bébà. Nínú àpẹẹrẹ wa, 1400 tí a pín sí 8 jẹ́ píksẹ́lì 175 fún ínǹṣì kan. 300 ló dára jù fún fótò tí a ń mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ń wò láti òkèèrè lára ògiri lè gba 175. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 16 sí 20, yóò di 87 péré, ojú ìyá kò sì ní hàn kedere.

Bí fótò bá sì gba orí WhatsApp wá bí àwòrán lásán, ó ti lè dín kù sí nǹkan bíi 1600 ní gíga. Apá tiwa nínú rẹ̀ yóò ṣẹ́kù 560 sí 700, èyí tó jẹ́ 70 fún ínǹṣì ní ìwọ̀n 8 sí 10. Ẹ sọ fún ẹni tó yà á kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`.

Fótò bébà àtijọ́

Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ gé páálí méjì ní ìrísí L, ẹ gbé wọn lé fótò kí wọ́n para pọ̀ di fèrèsé, kí ẹ sì máa sún wọn títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi bọ́ sábẹ́ páálí. Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ ní kí wọ́n ṣe síkáànì odindi fótò náà ní 600 fún ínǹṣì kan, kí a wá gé síkáànì náà bí páálí ti fi hàn.

Èyí tí gígé kò lè yọ

Bí ọwọ́ aládùúgbò bá wà lórí èjìká ìyá, tàbí tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bo àyà wọn, kò sí etí tí ẹ lè fà tí kò ní gé ìyá fúnra wọn. Ìka tó yọ díẹ̀ lórí èjìká, a lè fi í sílẹ̀. Ó sàn ju èjìká tí a gé lọ. Èyí tó bo àyà, ayafótò tó mọ bí a ti ń kun aṣọ padà lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ gbé e fún, kí ẹ sì mú fótò mìíràn tí aṣọ náà ti hàn dáadáa dání, kí ó lè rí bí léèsì náà ti rí lábẹ́ ọwọ́ yẹn.