Bí a ṣe lé aràn jáde nínú àwọn ọmọ wa, tí a sì dínà àtiwọlé rẹ̀

Aràn gbọọrọ funfun kan tí ó jọ ekòló ni ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́fà, yà jáde nílé wa ní Ìbàdàn. Kí ó tó dìgbà náà, àmì tí mo rí kò ju pé inú máa ń run ún yí ìdodo ká, tí oúnjẹ kò sì wù ú jẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí aràn ń gbé inú wọn kì í tilẹ̀ fi àmì kankan hàn, nítorí náà mo bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ike mímọ́, mo sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Ẹyin aràn wà nínú ti ọmọbìnrin náà, ó wà nínú ti àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò sí nínú ti ẹ̀gbọ́n wọn.

Ti àbúrò yìí ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń lo oògùn aràn tí wọ́n ń pín nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì débẹ̀, ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ó sì ti ń yàgbẹ́. Abo aràn kan lè yé ẹyin tó 200,000 lójúmọ́. Ẹyin náà kò lè ran ènìyàn ní ọjọ́ tí ó bá ìgbẹ́ jáde. Ó ní láti wà nínú erùpẹ̀ tútù tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ó tó lágbára, lẹ́yìn náà ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ibi tí ọmọ bá yàgbẹ́ sí, tí òjò ti wẹ̀ mọ́ lójú wa, ni ewu wà.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tẹ ikùn àwọn ọmọ náà wò, ó sì bi mí bóyá wọ́n ń bì. Aràn púpọ̀ lè kóra jọ dí ìfun. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ bá wú tí ó le, tí ó ń bì, tí kò sì lè yàgbẹ́, dókítà ni kí a gbé e lọ bá kíákíá, kí a má ṣe fún un ní oògùn aràn nílé. Nígbà tí kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ó fún wa ní alibẹńdasóòlù. Àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún méjì lo miligíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbúrò wọn lo 200, mo sì lọ tirẹ̀ kúnná pọ̀ mọ́ omi kí ó má baà há a lọ́fun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í lò ó. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tí ó ń bá wa gbé, tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, náà kò lò ó.

Oògùn náà ń pa aràn inú ìfun, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹyin tí ó wà lẹ́yìnkùlé. Mo ra póò fún ọmọ kékeré náà, a sì ń da ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ṣáláńgá lójú ẹsẹ̀. Mo gé èékánná gbogbo wọn kúrú, mo sì gbé ọṣẹ àti kẹ́tùlù omi sí ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá, nítorí ọmọ tí yóò rìn lọ wá ọṣẹ nínú ilé kò ní fọwọ́.

Ẹ̀fọ́ ni ó fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti màmá onílé wa. Wọ́n ní omi iyọ̀ ti tó. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, iyọ̀ kì í pa ẹyin aràn, Jíìkì pàápàá kì í pa á.” Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a fi omi tí ń ṣàn ṣan ewé náà léraléra títí erùpẹ̀ yóò fi kúrò, kí a sì sè é, nítorí iná ń pa á. Tòmátì tí a ó jẹ ní tútù, a máa ń bó èèpo rẹ̀.

A ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láti mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. A tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí ẹyin tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì ń gba nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó di aràn tí ń yé ẹyin. Àyẹ̀wò kejì yìí ni ó ń sọ bóyá ìmọ́tótó wa múná dóko. Kò sí ẹyin nínú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹyin àtijọ́ ṣì wà nínú erùpẹ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì ní kí àwọn ọmọ máa lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí n sì ka èyí tí wọ́n bá lò nílé ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Àbúrò wọn ti pé ọdún méjì báyìí, 400 ni òun náà yóò lò.