Bí mo ṣe kọ ìwé ìmọ̀ràn lórí owó ìtọ́jú ọpọlọ, àti ìdí tí mo fi tún un kọ

Ojú ìwé 12 ni mo kọ́kọ́ kọ, ìyà aláìsàn ló sì kún ibẹ̀: ẹni tí wọ́n so mọ́ igi, ẹni tí wọ́n gbé láti ilé wòlíì dé ilé oníṣègùn. Mo rò pé bí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa bá kà á, àánú á ṣe wọ́n, owó á sì jáde. Ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka ìnáwó ṣí i pẹ̀pẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní: "Àbúrò, ìlà wo nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ kí n kọ ọ́ sí?" Ẹnu mi wọhò.

Mo padà lọ ka òfin. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 1 nínú 100, ó kéré tán, lára owó tó bá wọ àpò àpapọ̀, kí wọ́n fi gbé ìtọ́jú ìpìlẹ̀ ró. Òfin náà ní kí ìdajì rẹ̀ gba ọ̀nà adójútòfò ìlera lọ. Nínú ìdajì tó kù, ìdá 20 nínú 100 gbogbo owó náà wà fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti nǹkan ìlò, ìdá 10 sì wà fún kíkọ́ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Kò sí ìlà tó ń jẹ́ "ọpọlọ" níbẹ̀, mi ò sì nílò rẹ̀, torí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà oògùn ni. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 dára lọ́wọ́, àmọ́ ìlà owó ni ẹ̀gbọ́n béèrè, wọn ò béèrè òfin.

Ohun tó kù ni pé ṣé ilé ìwòsàn alábọ́dé lè ṣe ìtọ́jú náà. Ọ̀ṣun ti dán an wò: ní ìjọba ìbílẹ̀ 8, wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ 198 láti ilé ìwòsàn alábọ́dé 68 ní ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe dókítà. Mo fi gbólóhùn méjì péré sọ ọ́, torí mo ti rí i pé kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wọ́n wa jù. Onínúure kan á san owó ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e aláìsàn á dé, nọ́ọ̀sì á dá àìsàn náà mọ̀, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á sì bá parasitámọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Nítorí náà, mo jókòó ṣírò oògùn kan ṣoṣo, amitiripitílíìnì, fún ilé ìwòsàn kan. Mo fi àgbàlagbà mẹ́wàá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ṣe àpẹẹrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi oògùn yẹn kún. Mo mú un pé kálukú á dúró sí mílígíráàmù 75 lálaalẹ́, ìyẹn hóró mẹ́ta oní-25. Ọgbọ̀n hóró lálẹ́ kan, lọ́nà 90 alẹ́: 2,700 fún oṣù mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi dùn. Kí n má parọ́, mo rò pé mo ti parí.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ẹ̀gbọ́n fi bírò yí 2,700 ká. "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ara wọn á ti yá?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara aláìsàn bá tiẹ̀ yá, á ṣì máa lo oògùn náà fún oṣù 9 sí 12 kí àìsàn má baà padà. Bó bá tán lójijì, oorun á dá, èébì lè dé, ẹbí á sì gbà pé oògùn òyìnbó ló bà á jẹ́. Fún àwọn mẹ́wàá yẹn nìkan, 10,950 hóró ni ọdún kan, ká tó ka ẹni tuntun. Mo kó ìbéèrè mi kúrò lábẹ́ owó àkànṣe iṣẹ́, mo gbé e sábẹ́ owó tó ń padà wá lọ́dọọdún.

Mo fi ohun kan kún un tí ẹ̀gbọ́n ò béèrè. Bí ẹni tó ń ro pé òun á pa ara òun bá gbé oògùn yìí mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ kan ni kí wọ́n máa fún un, kí ará ilé sì máa bá a tọ́jú oògùn náà. Ìyẹn já sí ìbẹ̀wò mẹ́rin lóṣù dípò ẹyọ kan, àti owó ọkọ̀ fún dókítà ọpọlọ kan tí á máa wá wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo fi owó ọkọ̀ yẹn sí ìlà tirẹ̀, kí wọ́n má baà gé e mọ́ "oríṣiríṣi".

Ojú ìwé méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n kà á tán lójú mi, wọ́n ní kí n yọ àwòrán iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú fáìlì ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àkọsílẹ̀ jáde, oògùn wọlé. Owó ọkọ̀ dókítà ni wọ́n fi bírò fa ìlà lé lórí.